Kí Wọ́n Tó Fi Àtàǹpàkò Ta Á Sókè: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́ta Àkọ́kọ́ Nínú Fídíò Kékeré

Ẹni tó ń wo TikTok tàbí Reels kò wá fídíò yín wá. Ó kàn bá a pàdé ni. Ti ẹlòmíràn ló ń wò tẹ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ta á sókè, tiyín sì yọ. Kò mọ̀ yín rí, kò jẹ yín ní gbèsè, àtàǹpàkò rẹ̀ ò sì tíì kúrò lójú fóònù. Kó tó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ti pinnu bóyá òun á dúró tàbí òun á tún ta á sókè. Ohun tó máa ń dá a dúró yẹn làwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè ní húùkù.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń rò pé ariwo ni, tàbí ẹwà, tàbí fóònù olówó ńlá. Kíkọ ni. Orí ìwé la ti ń ṣe é, pẹ̀lú báírò, kí ẹnikẹ́ni tó tan kámẹ́rà. Èmi ò ní kó oríṣi húùkù rẹpẹtẹ lé yín lọ́wọ́ níbí. Fídíò kan ṣoṣo la máa mú, a ó tú u, a ó sì tún orí rẹ̀ kọ.

Ìyá kan tó ń din wàrà nítòsí Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni fídíò náà. Kò gùn, kò ju ogójì sẹ́kọ́ọ̀ndì lọ. Ohun tó fi kọ́ èèyàn wúlò gan-an: bí wàrà ò ṣe ní fọ́ yángá nínú òróró. Àmọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

“Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìrójú. Ìyá oníwàrà yín tún ti dé o. Lónìí, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń din wàrà…”

Kí ó tó dé “Lónìí”, nǹkan bíi sẹ́kọ́ọ̀ndì méje ti lọ. Ìgbà tí wàrà yóò fi wọ ọ̀rọ̀, ẹni tó ń wò ti wà lórí fídíò kẹta.

Ẹ kọ ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ orí rẹ̀

Ẹ má fi ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ yín. Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún aládùúgbò yín tó wá béèrè. Ara ọ̀rọ̀ ìyá oníwàrà rèé, bó ṣe tẹnu rẹ̀ jáde, láìsí ìkíni:

“Wàrà tẹ́ ẹ bá rà, inú omi rẹ̀ ló wà. Ẹ gé e bí ẹ bá ṣe fẹ́, ẹ fi iyọ̀ sí i, kẹ́ ẹ wá kó o sínú asẹ́ kí omi ara rẹ̀ ro. Ẹ má kánjú. Òróró kọ́ ló ń fọ́ wàrà o, omi tó kù nínú rẹ̀ ni. Tó bá ti ro dáadáa, tí òróró náà sì ti gbóná, ẹ máa kó o sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má yí i títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fi pọ́n.”

Ẹ ka ohun tẹ́ ẹ kọ sétí ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ náà. Ẹ má wo ìwé nìkan, ẹ máa wo ojú rẹ̀. Ibì kan wà tó máa gbé orí sókè, tàbí tó máa ní “Ẹ̀n-ẹ́n?” Ẹ fa ilà sí abẹ́ gbólóhùn yẹn. Nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí, gbólóhùn náà hàn gbangba: “Òróró kọ́ ló ń fọ́ wàrà o.” Gbogbo ẹni tí wàrà ti fọ́ mọ́ lọ́wọ́ rí, òróró ló máa ń dá lẹ́bi, tàbí iná. Obìnrin yìí wá sọ ohun tó yàtọ̀, ó sì lọ gbìn ín sáàárín ọ̀rọ̀, níbi tí ẹni tó ti kọjá lọ ò lè bá a.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ jù lọ fídíò tí mo máa ń bá àwọn èèyàn tún ṣe. Húùkù ti wà nílẹ̀. Àárín ló wà. Ẹ ò nílò láti hùmọ̀ nǹkan tuntun, gbígbé lẹ máa gbé e wá síwájú.

Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn yẹn ní apá méjì. Apá kìíní sọ pé ẹ̀bi kì í ṣe ti òróró. Apá kejì sọ ẹni tó jẹ̀bi gan-an, ìyẹn omi tó kù nínú wàrà. Apá kìíní ni kẹ́ ẹ gbé síwájú, kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀ níbi tó wà. Tẹ́ ẹ bá sọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹni náà ti gba ohun tó fẹ́, á sì máa lọ.

Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ àpamọ̀ rí ti mọ ètò yìí. “Awẹ́ obì kan, à jẹ dọ́yọ̀ọ́.” Awẹ́ obì, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ èwo ni ti kéèyàn máa jẹ ẹyọ kan ṣoṣo títí dé Ọ̀yọ́? Ohun tá a mọ̀ dáadáa, tí wọ́n wá lẹ nǹkan tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì dákẹ́. Ká ní apàlọ́ ti sọ pé “Mo fẹ́ pa àlọ́ kan fún yín nípa ahọ́n” ni, àwọn ọmọ ì bá ti sùn lọ. Ohun kan náà ni “Lónìí, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń din wàrà” ṣe fún fídíò yìí. Ó dárúkọ ìdáhùn kí ẹnikẹ́ni tó ní ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ ìkíni

Ibí yìí ló máa ń le jù fún wa. Ìyá náà bi mí pé, “Bọ̀dá, ṣé kí n kàn bọ́ sí ọ̀rọ̀ láìkí èèyàn? Wọn ò ní sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé?” Ìbéèrè gidi ni. Ọmọ Yorùbá tó bá wọlé tí kò kí, kò sí ohun tó máa sọ lẹ́yìn náà tó máa dùn létí.

Mo sọ fún un pé, “Màmá, ẹ máa kí wọn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n jókòó ná.” Ẹ gbé ìkíni sí sẹ́kọ́ọ̀ndì kẹrin tàbí ìkarùn-ún, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ gbólóhùn àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kúrú: “Ẹ káàsán o.” Ó tó. Kò sẹ́ni tó máa bínú. Ọgbẹ́ni tó ń wò ó ní gáréèjì mọ́tò kò ka ìṣẹ́jú àáyá, ó kàn máa rántí pé ẹ kí òun.

Ọ̀nà kejì wà tí mo fẹ́ràn jù, tí àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì kò ní, torí èdè wọn ò fún wọn. Tiwa ní ìkíni fún oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe fídíò fún àwọn onídìrí, tẹ́ ẹ sì ṣí i pẹ̀lú “Ojú gbooro o!”, gbogbo onídìrí tó bá gbọ́ ọ ló máa dúró, torí òun lẹ kí. Tó bá jẹ́ aláró ni, “Àrẹ̀dú o!” Ìkíni yìí kò jẹ yín ní àkókò, kò tó sẹ́kọ́ọ̀ndì kan, ó sì ti ṣa àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jáde láàárín ọ̀pọ̀ èrò. “Ẹ káàsán, ẹ̀yin èèyàn mi” kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí gbogbo ayé ló ń kí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìkíni oníṣẹ́ máa lé ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ náà lọ. Tó bá jẹ́ àwọn oníbàárà lẹ fẹ́, tí kì í ṣe àwọn akẹgbẹ́ yín, ẹ má lò ó. Àwọn tó ń ra wàrà lọ dín nílé ni ìyá tiwa ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà a kò lò ó.

Orúkọ yín, ibi tẹ́ ẹ wà, iye ọdún tẹ́ ẹ ti ń ta ọjà: gbogbo ìyẹn ń bọ̀ wá sẹ́yìn tàbí kó wà nínú àkọlé tó wà lábẹ́ fídíò. Kò sí ibì kankan fún un nínú mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ilà mẹ́ta lórí ìwé

Ó ti wá tó àkókò láti kọ ọ́. Ẹ fa ilà mẹ́ta sórí ìwé. Èkíní ni ti ojú: kí ni wọ́n máa rí? Èkejì ni ti etí: kí ni wọ́n máa gbọ́? Ẹ̀kẹta ni ti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa kọ sójú fídíò: kí ni wọ́n máa kà?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sọ ohun kan náà. Ẹnu ń sọ pé “bí a ṣe ń din wàrà”, ọ̀rọ̀ ojú fídíò ń sọ pé “BÍ A ṢE Ń DIN WÀRÀ”, ojú sì ń wo ẹni tó dúró tó ń sọ ọ́. Ìlẹ̀kùn mẹ́ta lẹ ní, ẹ wá gba ọ̀kan ṣoṣo wọlé. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan tirẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú, torí òun ló ń kọ́kọ́ dé. Àwòrán ti hàn kí ẹnu tó la. Ìyá náà fẹ́ dúró níwájú kámẹ́rà pẹ̀lú gèlè tó rẹwà. Gèlè náà dára, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa wàrà. Ohun tá a fẹ́ ni agbada òróró, ṣíbí kan tó ń wọlé, tó sì ń gbé wàrà tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ sókè, òróró ń ro sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti din wàrà rí, tó rí àwòrán yẹn, ara rẹ̀ máa bù máṣọ. A ní láti fọ́ wàrà mélòó kan tìpá ká tó rí àwòrán yẹn yà. A dà wọ́n sínú òróró láìjẹ́ kí omi wọn ro, wọ́n sì fọ́ bó ṣe sọ. (A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.)

Ti etí wá kàn. Gbólóhùn tá a fa ilà sí lábẹ́ la máa gé. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí: “Ṣé ẹ mọ̀ pé tí wàrà yín bá ń fọ́ nínú òróró, kì í ṣe òróró yẹn ló fa ìṣòro náà?” Ó gùn. “Ṣé ẹ mọ̀ pé” kò gbé nǹkan kan. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo fídíò tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe, pẹ̀lú “Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé” àti “Lónìí”. A gé e títí ó fi kù báyìí:

“Wàrà yín ń fọ́? Òróró kọ́ ló fà á.”

Gbólóhùn àkọ́kọ́ yan ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Èkejì gba ohun tó ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilà kẹta, ìyẹn ọ̀rọ̀ ojú fídíò, ló kù. Ojú ti fi wàrà tó fọ́ hàn, etí ti gbọ́ pé kì í ṣe òróró. Kí ni kò tíì sí níbẹ̀? A kọ ọ́ pé: “Kẹ́ ẹ tó dáná ló ti bàjẹ́.” Gbólóhùn yìí fún wọn ní ìtọ́ka kan láì sọ ìdáhùn. Wọ́n ti mọ̀ báyìí pé àṣìṣe náà ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú iná, wọ́n sì máa fẹ́ mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ó sì tún ṣiṣẹ́ mìíràn: ẹni tó ń wò ó nínú ọkọ̀, tí kò ní íápíìsì, tó ti pa ohùn fóònù rẹ̀, kò gbọ́ ìyá náà rárá, àmọ́ àwòrán àti ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó láti dá a dúró.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ojú fídíò ju mẹ́fà tàbí méje lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kì í dára ní gbogbo ìgbà, àwòrán sì máa ń ṣú bàìbàì kó tó mọ́. Lẹ́tà kékeré kò ní ṣeé kà ní àkókò yẹn.

Ẹ fi aago wọ̀n ọ́n

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ máa ń sọ nǹkan bíi sílébù márùn-ún ní sẹ́kọ́ọ̀ndì kan. Nítorí náà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní. Ẹ ka tiwa: wà-rà-yín-ń-fọ́, márùn-ún. Ò-ró-ró-kọ́-ló-fà-á, méje. Méjìlá ni. Ó ṣẹ́ ku àyè fún ìdákẹ́ díẹ̀ láàárín méjèèjì, ìdákẹ́ yẹn sì ṣe pàtàkì, torí ìgbà yẹn ni ẹni tó ń wò máa dáhùn lọ́kàn rẹ̀ pé “Ẹ̀n, tèmi máa ń fọ́.” Tẹ́ ẹ bá kún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà dé ẹnu, ẹ máa sáré sọ ọ́, ohùn èdè á sì pòórá; Yorùbá tá a bá sáré sọ láìfi ohùn rẹ̀ sí i dáadáa, àwọn èèyàn ní láti tún un gbọ́ kí wọ́n tó mọ ohun tá a wí. Kò sẹ́ni tó máa tún un gbọ́.

Ẹ tan aago orí fóònù, ẹ kà á sókè bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ gan-an. Tó bá kọjá mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ gé, ẹ má fi kún eré.

Nígbà tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan

Kì í ṣe gbogbo fídíò ló nílò gbólóhùn. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti mọ igbá fínfín dáadáa, iṣẹ́ náà sì dára fún fídíò kékeré ju wàrà lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń yà á sábà máa ń fi orin ńlá bò ó, tàbí kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀: ojú igbá tó mọ́ tónítóní, ọ̀bẹ kékeré tó bọ́ sí i lára, èèpo tó ń ká bí ó ṣe ń fá a, funfun tó ń yọ lábẹ́ rẹ̀, àti ìró fífá yẹn. Ẹ gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ títí kò fi ní sí nǹkan mìíràn nínú àwòrán, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìró náà jáde fúnra rẹ̀. Lórí ìwé, ilà etí máa sọ pé “ìró ọ̀bẹ, kò sí ọ̀rọ̀”, ilà ọ̀rọ̀ sì lè jẹ́ “Bí ọwọ́ bá yẹ̀, igbá ti lọ.” Ìyẹn tó. Ẹni tó ń wò á dúró kó lè mọ̀ bóyá ọwọ́ máa yẹ̀.

Bí mo ṣe ń mọ̀ ni pé mo máa ń wo àwòrán àkọ́kọ́ láìsí ohùn. Bó bá ti jẹ́ pé ohun kan ti ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ tí a kò tíì mọ bó ṣe máa parí, ẹnu lè sinmi. Bó bá jẹ́ pé èèyàn tàbí ọjà ló kàn dúró sójú kan, ẹnu ló máa ṣiṣẹ́.

Yíyà àti gígé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àárín ìṣe. Ṣíbí gbọ́dọ̀ ti wà nínú òróró nígbà tí fídíò ṣí, kì í ṣe pé ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ mú un. Ẹ má fi àmì ilé iṣẹ́ yín ṣáájú, ẹ má jẹ́ kó ṣókùnkùn kó tó mọ́lẹ̀. Àwòrán tẹ́ ẹ yàn bí ìdérí fídíò kì í dá ẹni tó ń ta fídíò sókè dúró, torí ojú ìwé yín nìkan ló ti máa rí i. Níbi tí wọ́n ti ń bá a pàdé, fídíò náà ló ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn yíyà, ẹ ṣí i nínú CapCut, ẹ fa ìlà ohùn gbòòrò, ẹ máa rí àyè kékeré kan kí sílébù àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èémí tẹ́ ẹ fà nìyẹn, tàbí ìgbà tẹ́ ẹ ń wo bóyá kámẹ́rà ti tàn. Ẹ fi `Split` gé e síbi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ fi `Delete` yọ ti iwájú kúrò. Àyè yẹn lè tó sẹ́kọ́ọ̀ndì kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tẹ́ ẹ ní nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ojú fídíò: ẹ gbé e sí òkè àárín díẹ̀, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó kan apá ọ̀tún. Ìsàlẹ̀ ni orúkọ yín àti àkọlé máa bò, apá ọ̀tún sì ni àmì ọkàn àti ti kọ́mẹ́ǹtì wà. Ẹ tún wo lẹ́tà yín dáadáa. Ọ̀pọ̀ oríṣi lẹ́tà inú àwọn ápùù yìí kò mọ ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn, wọ́n á sọ ọ́ di àpótí kékeré, tàbí kí àmì náà fò kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀. Ẹ yí oríṣi lẹ́tà pa dà títí tó fi máa jáde bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ ara yín tẹ ọ̀rọ̀ náà. Tí kò bá sí èyí tó gbà á, ẹ fi àmì ohùn sílẹ̀, àmọ́ ẹ rí i pé ẹ yan ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣi ẹni tó ń kà á lọ́nà.

Ẹ san gbèsè tẹ́ ẹ jẹ

Sẹ́kọ́ọ̀ndì mẹ́ta yẹn, ìlérí ni. Ìyá oníwàrà kọ́kọ́ fẹ́ lo “Ẹ má jẹ wàrà mọ́ o!”, torí ó ti rí i tí ẹnì kan lo irú rẹ̀ tí èrò pọ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n máa dúró. Àmọ́ fídíò náà kò ní ìdí kankan tí èèyàn ò fi gbọdọ̀ jẹ wàrà, wàrà ló sì ń tà! Ẹni tó bá gbọ́ ọ tó sì lọ kó tó parí, ohun tó mú lọ ni pé wàrà léwu.

Nígbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ san án? Èmi kì í jẹ́ kó pẹ́. Nínú fídíò ogójì sẹ́kọ́ọ̀ndì, ó yẹ kí wọ́n ti rí ìdáhùn àkọ́kọ́ kó tó di sẹ́kọ́ọ̀ndì kẹwàá: níbi tí asẹ́ wà, tí omi ń ro lára wàrà, tí ìyá náà ní “Omi yìí ni.” Kí wá ni wọ́n ń dúró fún lẹ́yìn náà? Bó ṣe yẹ kó pẹ́ tó nínú asẹ́, bí òróró ṣe máa gbóná tó, ìgbà tó yẹ kí wọ́n yí i, àti wàrà tó dúró gírígírí nígbẹ̀yìn. Ìdáhùn kan ń ṣí ìbéèrè mìíràn. Ẹni tó bá fi ìdáhùn pamọ́ títí dé òpin máa ń pàdánù àwọn tó ti dúró, torí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń fà wọ́n.

Ẹ dán an wò

Ìdánwò àkọ́kọ́ kò ná yín ní dátà. Ẹ na fóònù sí ẹnì kan nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kó wo sẹ́kọ́ọ̀ndì mẹ́ta, kẹ́ ẹ dá a dúró. Ẹ bi í ní nǹkan méjì: “Kí ni fídíò yìí dá lé?” àti “Kí lẹ fẹ́ mọ̀?” Tí kò bá lè dáhùn èkíní, húùkù yín ti ṣókùnkùn jù. Tó bá dáhùn èkíní dáadáa, tó wá sọ pé kò sí ohun tí òun fẹ́ mọ̀, ẹ ti sọ ìdáhùn. Ìdáhùn tó dára máa dà bí ti ọmọ kan tó wá ra wàrà lọ́wọ́ ìyá náà: “Wàrà tó ń fọ́ ni. Kí ló wá ń fọ́ ọ?”

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe orí méjì tàbí mẹ́ta fún ara kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ mélòó kan sí àárín wọn, kẹ́ ẹ sì máa gbé wọn sókè ní àkókò kan náà lóòjọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí pa dà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá yí àwòrán àti gbólóhùn pa dà pa pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é.

Ẹ má fi iye ẹni tó wò ó ṣe ìdájọ́. Láti 31 March 2025, Shorts ti YouTube ń ka ìwòran kan ní kété tí fídíò bá ti bẹ̀rẹ̀, kódà bí ẹni náà bá ta á sókè lójú ẹsẹ̀. Iye yẹn kò wá lè sọ fún yín bóyá ẹnikẹ́ni dúró. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni ìlà tó ń sọ iye àwọn tó ṣì wà níbẹ̀ ní sẹ́kọ́ọ̀ndì kọ̀ọ̀kan. Nínú `Analytics` ti TikTok, abẹ́ fídíò kọ̀ọ̀kan lẹ ti máa rí i, orúkọ rẹ̀ ni `Retention rate`. Ìlà yẹn máa ń sọ̀ kalẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ẹ má retí pé kó dúró gbọọrọ. Ibi tó ti sọ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Tó bá jábọ́ kí ó tó pé sẹ́kọ́ọ̀ndì kan àbọ̀, àwòrán ni. Ẹnu kò tíì sọ tó kí wọ́n tó lọ. Ẹ yí ohun tí ojú ń rí pa dà, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀.

Tó bá dúró dé mẹ́ta, tó wá jábọ́ ní ìkẹrin sí ìkeje, húùkù ti ṣiṣẹ́, ohun tó tẹ̀ lé e ni kò dára. Nínú fídíò ìyá oníwàrà, ibẹ̀ gan-an ló ti jábọ́ nínú orí kejì tá a ṣe, torí lẹ́yìn “Òróró kọ́ ló fà á”, ó tún pa dà sí “Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” A gé e sí “Ẹ káàsán o”, a sì gbé asẹ́ wọlé lójú ẹsẹ̀.

Tó bá ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ibi kan tó ti já, ẹ fi orí náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tó kù wà nínú ara fídíò.

Fídíò tiyín tó ṣáájú ni kẹ́ ẹ fi wé e, kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣe àwàdà fún gbogbo ayé. Ẹ sì dúró kí àwọn tó wò ó pọ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó pinnu. Tó bá jẹ́ ogún èèyàn péré, ọ̀rẹ́ àti ẹbí ló kún inú rẹ̀, wọ́n á wò ó tán torí yín, kì í ṣe torí wàrà.